Òpópónà Rẹ, Tìrẹ Ni

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, òtítọ́ ni láti orí dé ìrù. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí àwọn eyín díẹ̀ tó ṣẹ́kù lẹ́nu mi kó ẹrù wọn, kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ibi tí ojú mi dé, ojú mi ni ó rí i. Ibi tí ojú mi kò dé, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi.

Obìnrin kan ń bẹ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Dídán. Ìpara ni ó ń tà: ìpara ara, ìpara ètè, àtíkè, àti ọṣẹ tí òórùn rẹ̀ máa ń ti òpin òpópónà pàdé ẹni. Ajá tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá a kọ́kọ́ sín lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rántí ibi tó ń lọ.

Apá méjì ni òwò rẹ̀ ní. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí páálí ti ga kan àjà, ni ó ti ń tà lọ́pọ̀ fún àwọn alágbàtà, ìyẹn àwọn tó ń rà á lọ láti tún un tà lẹ́yọ níbòmíràn. Níwájú, lórí káńtà, ni òun fúnra rẹ̀ ti ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá yà. Yàrá ẹ̀yìn ni ó ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n káńtà yẹn ni ayé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ra ọṣẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í fi ìròyìn kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Dídán mọ ẹni tó kó wá, ẹni tó kó lọ, àti ẹni tó yẹ kó ti kó lọ tipẹ́.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ilé-iṣẹ́ tó ń po ìpara náà ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ yan aṣojú kan ṣoṣo fún gbogbo agbègbè náà. Bí ó bá lè kó ogún alágbàtà jọ kí oṣù tó parí, òun ni. Bí kò bá lè ṣe é, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìdí ibùdókọ̀ ni yóò gbà á, Ìyá Dídán yóò sì máa lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà bí alágbàtà lásán. 

Ó wá to ìpara jọ bí òkè, ó ya àwòrán rẹ̀, ó jókòó sórí páálí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wà lábẹ́ àwòrán náà lórí fóònù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ó kà á fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ náà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí eruku igi kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

Ọkọ ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n kò níyọ̀."

"Iyọ̀ wo tún ni, olówó orí mi?"

"Kí ni àwọn alágbàtà ń bẹ̀rù jù?"

Ìyá Dídán ronú. "Wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á ra ọjà lọ́wọ́ mi tán, èmi náà á tún máa ta ẹyọ fún aládùúgbò wọn."

"Fi ọkàn wọn balẹ̀ nígbà náà."

Ìyá Dídán bá fi ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ wo ohun tó gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì:

"Ìwọ tí o fẹ́ máa pa owó láti inú ilé rẹ, máa bọ̀! A ń wá alágbàtà. Èkíní: ọjà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dín ní méjìlá; o lè ṣà wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ọ́. Tó o bá ti wọlé, mẹ́fà mẹ́fà lo lè máa rà. Èkejì: owó pé kí ọjà tó gbéra, ẹni tó ra ọjà ló ni owó ọkọ̀. Ẹ̀kẹta: má tà á wálẹ̀ ju iye tí a bá fi ránṣẹ́ sí ọ, kí a má ba ọjà ara wa jẹ́. Ẹ̀kẹrin: bó bá fọ́ lọ́nà, ya fídíò bí o ṣe ń tú ẹrù, a ó pààrọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n èyí tí o bá ti já èdídì rẹ̀, a kì í gbà á padà. Ẹ̀karùn-ún: ÒPÓPÓNÀ RẸ, TÌRẸ NI. Ibi tí alágbàtà wa bá wà, a kì í ta ẹyọ fún àwọn ará ibẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ la ó darí wọn sí. Kò sí ojúsàájú: ọ̀rẹ́ o, ọmọ ìyá o, àna o, òfin yìí kan gbogbo wa."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ó ní ìdí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa, "Ìyàwó, fún wa ní kékeré kan ká fi tọ́ ọ wò" ni orin wọn. Ó rò pé òun ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ni òun jù sí wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn bí iná ọyẹ́. Onídìrí kan tó ń gbé ní ìkángun ìlú, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ni ó kọ́kọ́ sanwó. Ó kọ̀wé pé: "Àǹtí, torí òfin karùn-ún yẹn ni mo ṣe wá o. Ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ta ọṣẹ fún aládùúgbò mi lójú mi. Mo ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ yín sínú fóònù mi, ẹ má yí i padà." Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, Ìyá Dídán sì kó gbogbo wọn sínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Ìyá Dídán ń fi orin ìyìn gbálẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé.

Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Mo ju obìnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ẹ jẹ́ n máa pè é ní "ó," ẹ má bú mi. Yàrá rẹ̀ wà nínú ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni ó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Wọ́n ní ó ti lé ọ̀gá ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ rí nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀gá náà ti àná ni. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọwọ́ ti ń yún un. Kò tún rí tíkẹ́ẹ̀tì kankan yẹ̀ wò.

Ó na fóònù rẹ̀ síwájú bí ẹni ń wo dígí. "Ìyàwó, ìwọ lo kọ èyí?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni."

"Ó dára gan-an. Kó ìpara ara márùn-ún wá, ọṣẹ mẹ́rin, ìpara ètè mẹ́ta."

Ìyá Dídán rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Ẹ mú ọ̀kan ọ̀kan, mo fi ta yín lọ́rẹ."

"Ṣé mo tọrọ ni? Òfin kìn-ín-ní, méjìlá. Òfin kejì, owó kí ọjà tó gbéra." Ó já owó sílẹ̀ lórí káńtà, ó pé. "Kọ orúkọ mi mọ́ àwọn alágbàtà. Kí o sì fi mí sínú gúrúùpù yẹn."

Ìyá Dídán kọ ọ́. Ó rò pé ìyá náà fẹ́ fi ṣe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóore ni. Ó tilẹ̀ sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, tábìlì kan wà ní ìdí àtẹ̀gùn. Ìyá Àgbà jókòó nídìí rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ pupa kan tó fẹ̀ tó òrùlé ilé, ìpara mẹ́ta níwájú, ọṣẹ méjì lápá ọ̀tún, àwọn tó kù nínú agbọ̀n. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti wà lórí imú.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ ń ṣe síbí?"

"Iṣẹ́."

Bí Ìyá Dídán ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni olùkọ́ kan tó ń lọ sílé-ìwé yà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá Dídán, ẹ jọ̀ọ́, ìpara ètè kan. Ètè mi ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn."

Ìyá Dídán nawọ́ sí pẹpẹ. Ìyá Àgbà wúkọ́.

"Ìyàwó," ó wí láìyíjú padà, "òpópónà wo la wà yìí?"

"Màmá, òpópónà wa ni."

"Ta ni alágbàtà tó wà níbẹ̀?"

Ọwọ́ Ìyá Dídán dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó gbé ojú lọ sí àjà, ó gbé e wálẹ̀. Nígbà tó ń ṣòfin fún àwọn tó wà ní ọ̀nà jíjìn, kò rántí pé òun náà ní òpópónà.

"Màmá, àwọn ará òkèèrè ni mo kọ ọ́ fún."

"Ṣé o kọ 'òkèèrè' síbẹ̀? Mo ti kà á tán. Mo rí 'àna' níbẹ̀ o. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́." Ó wá kọjú sí olùkọ́. "Ọmọ mi, wá gba ìpara ètè. Iye rẹ̀ wà lára páálí, má ná an. Òfin kẹta."

Bí káńtà Ìyá Dídán ṣe kú nìyẹn. Ẹni tó bá ti ń bọ̀, Ìyá Àgbà ti gbà á lọ́nà bí agbálẹ̀ ṣe ń gba ewé. Ohun tó dun Ìyá Dídán jù ni pé wọn kì í kàn ra ọjà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Láti inú ṣọ́ọ̀bù ó ń gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sì gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó gbé ìgbálẹ̀ jáde láti lọ gbá iwájú àtẹ̀gùn tí kò dọ̀tí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó ká ọkọ rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fá pákó. "Ẹ bá màmá yín sọ̀rọ̀."

"Èmi? Ìyá mi nìyẹn, ìyàwó mi nìwọ. Káfíńtà ni mí, mi ò kì í fi ìka sáàárín igi àti ayùn."

"Tábìlì wo ni wọ́n ń lò yẹn? Ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ ẹsẹ̀ tábìlì ilé wa."

Ọkọ fẹ́ atẹ́gùn sí eruku tí kò sí níbẹ̀. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ ibi tí àwọn á máa gbé ife tíì lé."

"Tábìlì tó gùn tó yẹn, fún ife kan?"

"Ó lè jẹ́ ife ńlá."

Ìyá Dídán fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́, ojú rẹ̀ a máa lọ sí fèrèsé. Yàrá ẹ̀yìn ní fèrèsé kan tó kọjú sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ilé. Ìyá Dídán sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé kọjá, wọ́n a fi ìka kan ògiri, fèrèsé a ṣí díẹ̀, ọṣẹ a jáde, owó a wọlé, olófòófó a jẹun. Obìnrin náà gbádùn ara rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí iye alágbàtà rẹ̀ pé, ìròyìn sì tún ń wọlé.

Ọjọ́ tí onídìrí wá fúnra rẹ̀ láti kó ọjà kejì ni àṣírí tú.

Onídìrí kò mọ ọ̀nà dáadáa, ó sì ṣèèṣì gba ọ̀nà tóóró náà wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìdí obìnrin kan tó sanra, tó ti fi orí àti èjìká sínú fèrèsé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀. Ohùn kan ń jáde látinú yàrá pé, "Rọra, kí ìyá ọkọ mi má gbọ́. Kàn mú ẹyọ kan yẹn, o ò rí mi, n kò rí ẹ."

Onídìrí dúró gbagidi. "Àǹtí Dídán!"

Ẹni tó wà lójú fèrèsé fẹ́ yọ orí, orí kò yọ. Nínú yàrá, páálí ọṣẹ kan já lulẹ̀.

"Ṣé alágbàtà wà ní òpópónà yìí?" Onídìrí ti fa fóònù yọ. "Ìyá kan tó pe ara rẹ̀ ní alágbàtà òpópónà yín wà nínú gúrúùpù wa, àbí? Ẹ wá ń gba fèrèsé tà mọ́ ọn lẹ́yìn? Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é fún ìyá ọkọ yín, èmi tí n kì í ṣe nǹkankan yín ńkọ́? Gúrúùpù á gbọ́ lónìí o!"

Ìyá Dídán rí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ tó ń yọ́ bí ìpara nínú oòrùn. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé inú gúrúùpù, gbogbo alágbàtà yóò fọ́n ká, ọkùnrin ìdí ibùdókọ̀ yóò sì di ọ̀gá rẹ̀. Ó jáde láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó sáré yípo ilé, ó fa obìnrin tó há náà yọ ní fèrèsé pọ́ọ̀, ó gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá owó rẹ̀ padà sí i lọ́wọ́. Ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú ọmọ lọ sílé-ìwé, ó mú un lọ síwájú tábìlì ìyá ọkọ rẹ̀. Onídìrí ń tẹ̀ lé wọn, fóònù lókè.

"Màmá," èémí Ìyá Dídán ń já wéréwéré, "oníbàárà yín nìyí. Ọṣẹ kan ló fẹ́."

Ìyá Àgbà fi gíláàsì wo obìnrin náà tí ẹfun ògiri ti kùn lára. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo onídìrí.

"Màmá," onídìrí wí, "ojú fèrèsé ni mo bá wọn. Ẹyọ ni wọ́n ń tà!"

 Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún lé àwọn aláìní-tíkẹ́ẹ̀tì sọ̀kalẹ̀, kí lẹ rò pé yóò sọ?

"Fèrèsé ẹ̀yìn?" ni ó wí. "Ẹ ò mọ̀ ni? Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà tábìlì mi. Lójoojúmọ́ ló ń darí wọn sí mi. Ṣé ẹ rí i pé kò mú un wá ni?"

Ìyá Dídán kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là sílẹ̀.

Ara onídìrí kò tíì balẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti gbé agbọ̀n rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó kó ìpara ara mẹ́ta jáde, gbogbo wọn ni ó ti já èdídì wọn, àmì ìka rẹ̀ wà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó, gba àwọn wọ̀nyí padà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ òórùn wọn ni."

Ẹ wo wàhálà. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú iná tán. Kí ni ìpara mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn? Ọwọ́ Ìyá Dídán ti ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù onídìrí kò tíì sọ̀kalẹ̀. Ìyá Dídán kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Òfin kẹrin. Ẹ ti já èdídì."

"Ìyá ọkọ rẹ ni mo jẹ́!"

"Àna wà nínú rẹ̀, Màmá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Ìyá Àgbà yọ gíláàsì, ó wo onídìrí. "Ṣé o gbọ́? Ó ti wọ inú fóònù rẹ?"

"Ó ti wọlé, Màmá."

"Fi ránṣẹ́ sí wọn nínú gúrúùpù nígbà náà. Kí wọ́n rí irú ẹni tí wọ́n ń bá dòwò pọ̀."

Onídìrí fi ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ìyàwó tó kúnlẹ̀ tó sì kọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé ibi tí ìpara náà kò dé rí. "Tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni," ni àwọn obìnrin ń wí. Àwọn alágbàtà wọlé, ogún pé, ó tún lé. Ilé-iṣẹ́ mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ, àwọn páálí wá pọ̀ débi pé ọkọ ní láti wá kan pẹpẹ tuntun, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ kàn án, nítorí pé ó ń san gbèsè tábìlì.

Nígbà tí onídìrí lọ tán lọ́jọ́ náà, Ìyá Dídán jókòó ti ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ já èdídì yẹn ni, kí n lè rí òfin dì mú?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń ba nǹkan jẹ́ láìnídìí ni?"

Títí di òní ni ó ń sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà á gbọ́, torí pé ọ̀kan nínú àwọn ìpara náà ti tán dé ìdajì. Lọ́nà kan tàbí òmíràn, wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò kí ó tó rà. Ọjà Ìyá Àgbà sì di ìlọ́po.

Fèrèsé ẹ̀yìn ti kú. Ọkọ ti fi pákó kàn án pa. Ìyá Dídán ń fi ọ̀sán kó páálí jáde, bó bá sì ti ṣe tán, ó gbé àga rẹ̀, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì láti gbọ́ ìròyìn. Wọ́n gbà á láyè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ètè òun fúnra rẹ̀ là, tó nawọ́ mú ìpara ètè kan, Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ náà pẹ́ẹ́.

"Òpópónà ta ni?"

"Tiyín ni, Màmá," Ìyá Dídán wí, ó sì yọ owó.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣẹlẹ̀, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Àfi agbòòrùn pupa yẹn nìkan. Kò sí agbòòrùn kankan. Inú oòrùn gbangba ni obìnrin náà jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, orí kunkun rẹ̀ nìkan ló fi bo orí. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo ń kọ ọ́, ni mo bá ṣí ọ̀kan fún un.